Aago Kan Náà: Ó Gba Pípín, Ó Tún Kọ Pípín

Bí aago bá ti lu 12, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń pe 12 yẹn ní 0: ẹni tó bá fi wákàtí 12 kún 5, orí 5 náà ni ọwọ́ aago á padà sí. Wákàtí 12 wọ̀nyí, láti 0 dé 11, ṣeé rò pọ̀, wọ́n ṣeé yọ kúrò lára ara wọn, wọ́n sì ṣeé fi odidi nọ́ńbà sọ di púpọ̀. Àkójọ tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mọ́júùlù.

Ẹ mú 0, 3, 6 àti 9 nínú aago náà. Bó ti wù kí ẹ rò wọ́n pọ̀ tó, ẹ kò ní jáde kúrò láàárín àwọn mẹ́rin yìí. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní A, ká pe gbogbo aago ní B. Ká wá fi 3 pín wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ ìyókù nìkan la ó máa wò: 0, 1 tàbí 2. Àwọn ìyókù mẹ́ta yìí, tí kíkà wọn ń padà sí 0 bó bá ti pé 3, ni C.

0 → A → B → C → 0

Ọfà kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan láti àkójọ kan bọ́ sí èkejì láì da ìròpọ̀ rú. Ìlà náà ṣe wẹ́kú nítorí pé níbi gbogbo, ohun tí ọfà kan kó wá gan-an ni ọfà tó tẹ̀ lé e ń sọ di 0, kò lé, kò dín. Ní tiwa, àwọn tó di 0 ní C ni 0, 3, 6 àti 9, èyí tí í ṣe A fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí méjì nínú A tó dà pọ̀ di ọ̀kan ní B, kò sì sí ohun kan ní C tí B kò dé.

Ṣé a wá lè tú B sí A àti C? Ìbéèrè náà kò ju ìrìn àpadàbọ̀ lọ: ṣé C lè padà wọ inú B, kí ó sì mú òfin rẹ̀ dání? Òfin C ni pé 1 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 0. Nítorí náà, 1 tó ń padà bọ̀ gbọ́dọ̀ wá wákàtí tí ìyókù rẹ̀ jẹ́ 1, tí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 0 lórí aago. Àwọn tó ṣeé yàn ni 1, 4, 7 àti 10. Ìlọ́po mẹ́ta wọn lórí aago jẹ́ 3, 0, 9 àti 6. Wákàtí 4 ló yege.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àwọn 0, 4 àti 8 ni C tó ti wọlé sínú B, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀kan nínú A pẹ̀lú ọ̀kan nínú wọn, lọ́nà kan ṣoṣo. Wákàtí 7 jẹ́ 3 àti 4. Wákàtí 5 jẹ́ 9 àti 8. Ìlà náà pínyà.

Ẹ wá yí A padà, kó jẹ́ 0 àti 6 péré, kí C sì jẹ́ ìyókù lẹ́yìn pípín pẹ̀lú 6. Ìlà yìí náà ṣe wẹ́kú. Òfin C tuntun ni pé 1 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 0. Wákàtí 1 àti 7 nìkan ni ìyókù wọn jẹ́ 1. Ìlọ́po mẹ́fà 1 jẹ́ 6. Ti 7 jẹ́ 42, tó tún já sí 6. Kò sí èyí tó pa òfin mọ́, ìlà náà kò sì lè pínyà láéláé. Ibi tó ń tan èèyàn jẹ nìyí, torí pé 2 lọ́nà 6 ṣì jẹ́ 12: iye nìkan kì í sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan wà láti fi dá wọn mọ̀. Bí A àti C yìí bá kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kì í ṣe 0 ni ìlọ́po méjì wọn máa jẹ́ 0. Lórí aago, wákàtí 6 nìkan ni.

Òfin tí C gbé lọ́wọ́ ló ń fa gbogbo wàhálà yìí. Bí C bá jẹ́ odidi nọ́ńbà gbogbo, tí kò ní òfin kankan lórí 1, ìlà á máa pínyà nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún fẹ́kítọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́ wọn nìkan lè má pàdé ìṣòro yìí rárá.

Ní 1942, Samuel Eilenberg àti Saunders Mac Lane tẹ iṣẹ́ kan jáde tó so irú ìlà báyìí mọ́ ohun tí wọ́n pè ní Ext, èyí tó ń ka ọ̀nà tí A àti C fi lè para pọ̀. Fún A oní-2 àti C oní-6, ọ̀nà méjì ló wà: èyí tó pínyà, àti aago wa. Fún A oní-4 àti C oní-3, ọ̀kan ṣoṣo ni, torí pé kò sí nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó lè pín 4 àti 3 láìṣẹ́kù. Bákan náà ni 4 àti 7 rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti Yorùbá àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje fi ń pàdé lọ́nà gbogbo tó ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ 28, tí ọjọ́ Ògún tó bọ́ sí Sátidé kò sì ní tún bọ́ síbẹ̀ títí ọjọ́ 28 á fi pé.