Ohun Kékeré Inú Ọbẹ̀: Ìgbà Wo Ni Kí Á Kà Á?

Ní àgbègbè Atakpamé, ìkòkò ọbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fọ́ àti ẹja nìkan. A máa ń fi ata gbígbẹ sí i, a máa ń fi atalẹ̀, aáyù àti mágì sí i. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣírò oúnjẹ tí ilé kan jẹ, ìbéèrè kan máa ń dìde: ṣé kí á ka àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí, tàbí kí á fi wọ́n sílẹ̀? Ìgbà mìíràn wà tí kíkà wọn kò wúlò. Ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni tí kò kà wọ́n yóò ṣi ìṣirò ṣe.

Kí ni à ń kà?

Ohun mẹ́ta ni à ń kà nínú oúnjẹ. Èkíní ni sítáàṣì, tí ó wà nínú àgbàdo, iṣu àti gbágùúdá. Èkejì ni ọ̀rá, tí ó wà nínú epo àti ẹ̀pà. Ẹ̀kẹta ni purotéènì, tí ń mú ara dàgbà. Ó wà nínú ẹja, ẹyin, ẹran àti ẹ̀wà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń fún wa lágbára. Kálórì ni a fi ń wọn agbára náà, bí a ti ń fi mítà wọn aṣọ.

Ìkòkò kan fún ènìyàn 6

Ẹ jẹ́ kí á wo ìyá kan tí ó ro ọkà àgbàdo fún ènìyàn 6, tí ó sì se ọbẹ̀ ewédú tì í. Kílò 1 ìyẹ̀fun àgbàdo ni ó lò. Ó da ṣíbí ńlá 6 epo pupa sínú ọbẹ̀. Ó fi ẹja gbígbẹ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó fi ata gbígbẹ díẹ̀, atalẹ̀, aáyù àti mágì 3 sí i. Mágì ńlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gráàmù 10.

Kílò 1 ìyẹ̀fun àgbàdo ní nǹkan bíi kálórì 3600. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 6, ó di 600 fún ẹnì kan. Ṣíbí ńlá 1 epo ní nǹkan bíi kálórì 120, nítorí náà epo fi 120 kún ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ti di 720, a kò sì tíì ka ẹja.

Mágì ńlá kan ní nǹkan bíi kálórì 20. Mágì 3 di 60. Bí ènìyàn 6 bá pín in, 10 péré ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ata, atalẹ̀ àti aáyù kò lè fi ju 6 tàbí 7 lọ kún un. Kí ni 17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 720?

Ẹ tún wo èyí. Bí ìyá náà bá fi ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan ìyẹ̀fun kún èyí tí ó wọ̀n, bíi gráàmù 30, kálórì tí ó wọlé ti lé ní 100. Ìyẹn tó gbogbo ti mágì àti ata inú ìkòkò náà. Nítorí náà, bí a kò bá wọn ìyẹ̀fun àti epo dáadáa, iṣẹ́ asán ni kí á máa ka ata. Ẹ wọn ohun ńlá dáadáa, kí ẹ sì fi ohun kékeré sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iyọ̀ ní ìṣirò tirẹ̀

A ti fi mágì sílẹ̀ nínú ìṣirò agbára. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ìṣirò iyọ̀. Iyọ̀ kò ní kálórì kankan, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó tó ìdajì mágì kan tí ó jẹ́ iyọ̀, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sí. Ohun tí ó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, iyọ̀ ni ẹ ó sì sábà bá níbẹ̀.

Nínú ìkòkò ìyá yẹn, mágì 3 ti mú iyọ̀ gráàmù 15 wá, ó kéré tán. Ó tún bu iyọ̀ ṣíbí kékeré 2 sí i, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi gráàmù 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Ènìyàn 6 pín in: ó lé díẹ̀ ní gráàmù 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ ní ọjọ́ kan má tó gráàmù 5. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá tún jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní alẹ́, ó ti kọjá ààlà. Iyọ̀ àjẹjù lójoojúmọ́ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè fa rọpárọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò mọ̀ ọ́n lára. Àfi kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún un ní ilé ìwòsàn.

Kí ni ìyá náà lè ṣe? Bí ó bá fi mágì 1 àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 sí ìkòkò náà, iyọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi gráàmù 10. Kò ní tó gráàmù 2 fún ẹnì kan. Àlùbọ́sà, atalẹ̀, aáyù àti ata lè mú ọbẹ̀ dùn láìsí iyọ̀ púpọ̀. Bí ẹja oníyọ̀ bá wà nínú ọbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó da omi náà nù, kí ó sì tún dín iyọ̀ kù.

Àwo ọmọdé kò dà bí ìkòkò àgbà

Ẹ wo ọmọ oṣù 9. Ikùn rẹ̀ kéré, kò lè gbà ju àwo kékeré kan lọ. Bí wọ́n bá fi ìyẹ̀fun àgbàdo gráàmù 20 se ògì fún un, kálórì bíi 70 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá da ṣíbí kékeré 1 epo sí i, kálórì 40 wọlé. Ìyẹn ju ìdajì agbára ògì náà lọ! Bí ṣíbí kékeré yìí kan náà bá wọ ìkòkò ènìyàn 6, kò ní ju kálórì 7 lọ fún ẹnì kan.

Bákan náà ni ẹja gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, tí a gún kúnná. Ṣíbí kékeré 1 rẹ̀ lè mú purotéènì tó ti gbogbo ìyẹ̀fun inú ògì náà wá. Nítorí náà, nínú àwo ọmọdé, a gbọ́dọ̀ ka ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a má fi mágì tàbí iyọ̀ sí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Irú àti mágì

Ọ̀pọ̀ ilé ti fi mágì rọ́pò irú. Wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí pé àwọn méjèèjì ń mú ọbẹ̀ dùn. Irú tí kò ju orí ìka lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú bá kún ọwọ́, ẹ kà á, nítorí purotéènì àti ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Mágì tí ó rọ́pò rẹ̀ kò mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá. Iyọ̀ ni ó mú wá.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó kà

1. Ènìyàn mélòó ni yóò pín in?
2. Kí ni a ń ṣírò: agbára ni, tàbí iyọ̀?
3. Ta ni yóò jẹ ẹ́: àgbà ni, ọmọdé ni, tàbí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ẹ ṣe ìṣirò yìí

Ìyá kan se ọbẹ̀ fún ènìyàn 4. Ó fi mágì ńlá 2 àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 1 sí i. Iyọ̀ gráàmù mélòó ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ìdáhùn: Mágì 2 mú gráàmù 10 wá, ṣíbí iyọ̀ mú 5 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹ pín in sí ọ̀nà 4: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gráàmù 4 fún ẹnì kan. Ó ti pọ̀ jù fún oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan.