Ìdá 10 tí báńkì ń yọ lórí èlé: ṣé gbèsè ti parí ni, àbí àsansílẹ̀?

Láti ìgbà tí Òfin Owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ariwo tó gba ìgboro ni pé ìjọba fẹ́ máa bu owó nínú àkáǹtì aráàlú. Taiwo Oyèdélé, tó darí ìgbìmọ̀ tí ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe owó-orí, ti sọ ọ́ léraléra pé irọ́ ni. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí báńkì ń yọ ní tòótọ́, tó sì ti ń yọ kí òfin yìí tó dé: ìdá 10 nínú 100 lórí èlé. Owó tí ènìyàn fi pamọ́ kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, owó tí owó náà bí ni.

Ẹni tó bá ní àkáǹtì ìfowópamọ́ lè rí i fúnra rẹ̀. Kó wo sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ ní ìparí oṣù. Yóò rí ìlà kan tí èlé ti wọlé. Lábẹ́ rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ kan náà, yóò rí ìlà mìíràn tí owó ti jáde, tí wọ́n kọ WHT sí. Bí èlé bá jẹ́ ₦1,200, èyí tó jáde yóò jẹ́ ₦120. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé báńkì ló jẹ ẹ́ bí owó iṣẹ́. Báńkì kò jẹ ẹ́. Owó-orí ni, báńkì kàn bá ìjọba gbà á kí èlé tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín ni.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, FIRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, tún fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ìdá 10 yìí lórí èlé tírẹ́ṣọ́rì bíìlì àti àwọn ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀, ohun tí ìjọba ti dá sí láti ọdún 2012 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Nínú ìkéde náà ni gbólóhùn kan tí kò gba ẹnu ènìyàn tó bó ṣe yẹ: ohun tí wọ́n bá yọ yóò di ẹ̀tọ́ tí ẹni náà lè fi dín owó-orí rẹ̀ kù, àfi níbi tí òfin bá ti sọ pé ìyọkúrò náà ni òpin ọ̀rọ̀.

Gbólóhùn yìí gan-an ló ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí ìyọkúrò bá jẹ́ òpin, olówó àti tálákà ń san iye kan náà, kò sì sẹ́ni tó tún ń béèrè ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ àsansílẹ̀, wọ́n á kó èlé náà mọ́ gbogbo owó tó wọlé fún ẹni náà lọ́dún, wọ́n á ṣírò owó-orí lórí àpapọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá yọ ohun tí báńkì ti gbà kúrò nínú iye tó kù láti san.

Èlé kan, ènìyàn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó ní Ìdí-Ìrókò. Ká ní ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ₦2,000,000 pa sí báńkì fún ọdún kan, tí báńkì sì fún wọn ní ìdá 15 nínú 100. Èlé ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦300,000. Báńkì yọ ₦30,000, ó san ₦270,000 fún wọn. Dé ìhín, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Òfin tuntun sọ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún ènìyàn lọ́dún kò ní owó-orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e yóò san ìdá 15. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn yóò san ìdá 18. Àwọn ìpele míì wà lókè, tí èyí tó ga jù jẹ́ ìdá 25, ṣùgbọ́n wọn kò kan àwọn mẹ́ta yìí. Ẹ jẹ́ ká tún fi ìdẹ̀kùn tí òfin ṣe fún ẹni tó ń san owó ilé sílẹ̀ ná, kí ìṣirò má bàa díjú.

Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá kan tó ń ta gààrí àti epo pupa lẹ́bàá ọ̀nà Ìgólò. Èrè rẹ̀ lọ́dún, lẹ́yìn tó ti yọ gbogbo ìnáwó, jẹ́ ₦400,000. Pẹ̀lú èlé, ó di ₦700,000. Kò tíì dé ₦800,000, nítorí náà owó-orí tó yẹ kó san jẹ́ òdo. Bí wọ́n bá kó èlé rẹ̀ mọ́ èrè rẹ̀, ₦30,000 tí báńkì yọ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyọkúrò bá jẹ́ òpin, ó ti lọ nìyẹn, ẹni tí òfin sọ pé kó má san kọ́bọ̀ ti san ₦30,000.

Ẹnì kejì ń ran aṣọ. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦700,000, tó fi jẹ́ pé pẹ̀lú èlé ó di ₦1,000,000. ₦200,000 ló kọjá ààlà òmìnira, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦30,000 géérégé. Ohun tí báńkì yọ ni ohun tó jẹ. Ọ̀nà méjèèjì bára mu fún òun nìkan, ojú ibi tó wà yìí sì ni ojú ìwọ̀n: ẹni tí èrè rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ ń pàdánù bí ìyọkúrò bá jẹ́ òpin, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ń jèrè.

Ẹnì kẹta ni ajẹ́ńtì tó ń bá àwọn tó ń kó ọjà wọlé ṣe ìwé ní ẹnu ibodè. ₦4,000,000 ni èrè rẹ̀. Lórí ìyẹn nìkan, ó jẹ ₦330,000 ní ìpele ìdá 15 àti ₦180,000 ní ìpele ìdá 18, àpapọ̀ ₦510,000. Bí èlé bá wọ inú rẹ̀, gbogbo ₦300,000 náà bọ́ sí ìpele ìdá 18, owó-orí rẹ̀ sì di ₦564,000. Ìyẹn ni pé ₦54,000 ni owó-orí èlé rẹ̀. Báńkì ti gba ₦30,000, ó ku ₦24,000 tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ san. Bí ìyọkúrò bá jẹ́ òpin, ₦24,000 yẹn ni ìjọba fi ta á lọ́rẹ.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe òótọ́ tó pé pérépéré bí ènìyàn bá sọ pé “ìdá 10 ni owó-orí èlé.” Ìdá 10 ni iye tí wọ́n ń yọ. Owó-orí gan-an lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ ìdá 10, ó lè jẹ́ ìdá 18. Òfin tuntun ka èlé mọ́ ara owó tó ń wọlé fún ènìyàn, nítorí náà ìṣirò àsansílẹ̀ ló bá ẹ̀mí rẹ̀ mu.

Ohun tí wọ́n ti rí ní Ìlú Òyìnbó

Kì í ṣe Nàìjíríà ló kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1894 ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń yá ènìyàn lówó kọ́lé ti ń san owó-orí lórí èlé lọ́nà àrà kan. Wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń fowó pamọ́ pọ̀, àti àwọn tó yẹ kó san owó-orí àti àwọn tí kò yẹ, wọ́n wá ìdá kan tó wà láàárín, wọ́n sì yọ ọ́ lára gbogbo wọn. Nítorí pé àwọn tí kò yẹ kó san wà nínú ìṣirò náà, ìdá yẹn kéré sí èyí tí òṣìṣẹ́ lásán ń san. Ní ọdún 1985, wọ́n mú báńkì wọ inú ètò náà. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gba owó rẹ̀ padà. Ìyá àgbà tí kò ní ju èlé kékeré lọ ń san, owó tó ń san ló sì ń mú kí tàwọn tó ń rí towó ṣe fúyẹ́.

Ohun tó dà á rú ni pé ní ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka ìyàwó sí ẹni ọ̀tọ̀ kúrò lára ọkọ rẹ̀ nínú owó-orí. Lójijì, ọ̀pọ̀ obìnrin tí iṣẹ́ ilé wọn kò mówó wọlé di ẹni tí kò yẹ kó san owó-orí rárá, síbẹ̀ báńkì ń yọ ọ́ lórí èlé wọn. Ní oṣù Igbe 1991, ètò àtijọ́ náà pa rẹ́. Wọ́n wá ń yọ ìdá tó ṣeé gbà padà: ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti san owó-orí lè kọ fọ́ọ̀mù R85 fún báńkì kí wọ́n má yọ ohunkóhun rárá, ẹni tí wọ́n bá ti yọ tirẹ̀ sì lè fi R40 béèrè rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe 2016, wọ́n pa ìyọkúrò náà tì. Èlé ń dé ọwọ́ ènìyàn ní odidi báyìí, 1,000 pọ́n-ùn àkọ́kọ́ kò ní owó-orí fún òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, báńkì ló sì ń fi iye èlé oníkálukú ránṣẹ́ sí àjọ owó-orí.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò rọrùn láti fi ìyọkúrò sílẹ̀ àyàfi bí ìjọba bá ti mọ ohun tó ń wọlé fún oníkálukú láti ibòmíràn.

Ibi tí ìwé kò ti bá ọ̀nà pàdé

Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀. Kí ìyá oníepo wa tó rí ₦30,000 rẹ̀ gbà, ó ní láti kọ ìwé ìjíhìn owó tó wọlé fún un lọ́dún, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn pé báńkì yọ owó náà ní orúkọ rẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ìwé tó fi hàn pé owó náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba ló lágbára jù. Nọ́ńbà owó-orí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ so mọ́ àkáǹtì yẹn. Ìjọba ti sọ pé NIN ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì tún wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ni owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí orí ilé-iṣẹ́ báńkì wà. Owó ará Ìdí-Ìrókò, ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Èkó ló ti ṣí àkáǹtì náà lọ́jọ́ kìíní, tí kò sì yí àdírẹ́sì padà, owó rẹ̀ lè lọ sí Èkó, nígbà tí Abẹ́òkúta ni yóò ti lọ béèrè rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé, fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, àsansílẹ̀ tó wà lórí ìwé yìí yóò di òpin ní ìṣe. Ẹni tí ₦3,000 tàbí ₦5,000 rẹ̀ wà níta kò ní fi owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà lé e. Ajẹ́ńtì wa náà kò ní sáré lọ san ₦24,000 tí kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní 1991 la ó tún máa ṣe láìsọ: ẹni tí kò yẹ kó san á máa san, ẹni tó yẹ kó san jù bẹ́ẹ̀ á máa sinmi. Fọ́ọ̀mù kékeré kan bíi R85, tí ènìyàn lè kọ sí báńkì pé owó òun kò tó ₦800,000 lọ́dún, kí wọ́n sì máa jẹ ẹni tó bá parọ́ níyà, dà bí ohun tó ṣeé ṣe lójú mi ju kí wọ́n ní kí gbogbo ọlọ́jà wá máa béèrè owó padà.

Ìwé ìjíhìn fún ọdún 2026 kò ní kọjá ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà 2027. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè tirẹ̀ nígbà náà, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó gbogbo ìlà WHT inú sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ jọ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí ẹni tí kò bá lè sọ iye tí wọ́n yọ kò ní mọ iye tí yóò béèrè.