Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló há GoldenEye 007 mọ́lẹ̀?

Ọdún 1997 ni géèmù GoldenEye 007 jáde fún ẹ̀rọ Nintendo 64. Inú kátíríìjì ló wà, gbogbo rẹ̀ ò sì ju mẹ́gábáìtì 12 lọ. Fọ́tò mélòó kan lórí fóònù yín lè ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ á fi ẹ̀rọ kékeré kan da ohun inú kátíríìjì kọ sínú fáìlì. Bí ojú irin kátíríìjì náà bá dọ̀tí, àdàkọ á ní àṣìṣe. Torí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dà á kọ. Bí fáìlì méjèèjì ò bá bára mu, wọ́n á nu irin náà, wọ́n á tún un ṣe.

Àmọ́ èdè ṣíìpù Nintendo 64 ni fáìlì yẹn ń sọ, kò yé kọ̀ǹpútà wa. Ẹ́múlétọ̀ ni ògbufọ̀: ó ń túmọ̀ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Níbi tí ìtumọ̀ bá ti kù díẹ̀ káàtó, àwòrán á bàjẹ́ tàbí kí ohùn máa já.

Ti òfin ló wá dìjú. Rare ló ṣe géèmù náà, Nintendo ló gbé e jáde, àwọn mìíràn ló ni James Bond. Ní 2002, Microsoft ra Rare. Wọ́n tún un ṣe fún Xbox 360, ṣùgbọ́n àwọn olóhun ò fẹnu kò, ni wọ́n bá pa á tì. Oṣù Kìíní 2023 ló tó padà jáde lọ́nà òfin. Kó tó dìgbà náà, lẹ́yìn tí kátíríìjì tuntun ti tán lọ́jà, àlòkù nìkan lèèyàn lè rà, owó rẹ̀ ò sì dé ọwọ́ àwọn tó ṣe é.