Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ 1011

Wo bíìtì méje yìí: 1011011. Ẹ̀ẹ̀melòó ni 1011 wà nínú wọn? Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò ní ẹ̀ẹ̀kan ni, torí bó bá ti gé mẹ́rin àkọ́kọ́ kúrò, 011 ló kù, ìyẹn ò sì pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣá o. 1 tó parí ti àkọ́kọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Àwọn méjèèjì jọ ní in ni.

Ọ̀rọ̀ pé bíìtì kan ń ṣiṣẹ́ méjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Nínú ìlànà HDLC, tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, 01111110 ni àmì tó ń sọ ibi tí ìdìpọ̀ ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fi 0 kan náà parí àmì kan, kí wọ́n sì tún fi bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di 011111101111110. Ìwé ìlànà RFC 1662, tó jáde ní 1994, kò fẹ́ irú rẹ̀. Síbẹ̀, olùgbà tí kò bá mọ̀ pé 0 kan lè jẹ́ ti àmì méjì yóò pàdánù àmì kejì.

1011 kúrú ju àmì yẹn lọ, ó sì rọrùn láti tọ̀ dópin. Irú ẹ̀rọ tí a ó fi mú un ni èyí tí Edward F. Moore ṣàlàyé ní 1956. Ẹ̀rọ Moore ní ipò mélòó kan, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń wà nígbàkigbà. Bí aago rẹ̀ bá ti lù, yóò wo bíìtì tó wọlé, yóò sì ti ipò tó wà bọ́ sí òmíràn, tàbí kó dúró síbẹ̀. Ipò tó wà nìkan ló ń pinnu èsì tó ń gbé jáde. Bíìtì tó ń wọlé lọ́wọ́ kò lè fọwọ́ kan èsì náà títí aago yóò fi lù.

Ẹ̀rọ yìí kò tọ́jú gbogbo bíìtì tó ti kọjá. Ohun kan ṣoṣo ló ń rántí: nínú ohun tó ti gbọ́ títí di ìsinsìnyí, báwo ni ìparí rẹ̀ ti bá ìbẹ̀rẹ̀ 1011 mu tó? Bí kò bá bá a mu rárá, ó wà ní S0. Bó bá parí sí 1, ó wà ní S1. Bó bá parí sí 10, S2. Bó bá parí sí 101, S3. Bí 1011 bá pé, ó bọ́ sí S4, níbẹ̀ nìkan sì ni èsì rẹ̀ ti jẹ́ 1. Bí ìparí méjì bá bá ìbẹ̀rẹ̀ 1011 mu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó gùn jù ni ẹ̀rọ ń mú.

Títẹ̀síwájú rọrùn láti yà sórí ìwé: S0 lọ sí S1, S1 sí S2, bẹ́ẹ̀ títí dé S4. Iṣẹ́ gidi wà nínú bíìtì tí a ò retí. Bí ẹ̀rọ bá wà ní S3, ó ti gbọ́ 101, 1 ló sì ń retí. Ká ní 0 ló wá dé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá a padà sí S0, pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ti di 1010, ìparí rẹ̀ sì ni 10. 10 yìí jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ 1011, nítorí náà S2 ló yẹ kó lọ. Bí a bá fi 101011 dán an wò, àṣìṣe náà yóò hàn: ẹ̀rọ tó tọ́ yóò gba S1, S2, S3, S2, S3, yóò sì gúnlẹ̀ sí S4. Èyí tó padà sí S0 yóò gba S1, S2, S3, S0, S1, S1, kò sì ní í rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ 1011 wà ní ìparí gbangba.

Báyìí ni tábìlì rẹ̀ ṣe rí:

```
ipò   0 wọlé   1 wọlé   èsì
S0    S0       S1       0
S1    S2       S1       0
S2    S0       S3       0
S3    S2       S4       0
S4    S2       S1       1
```

Ìlà tó kẹ́yìn ló gbé ọ̀rọ̀ pípín bíìtì náà dání. Ní S4, 1011 ti pé, ṣùgbọ́n 1 tó parí rẹ̀ kò tíì di ìgbàgbé. Bí 0 bá tẹ̀ lé e, ìparí ohun tí a gbọ́ di 10, ẹ̀rọ á sì lọ sí S2 tààrà. Bí 1 ló bá tẹ̀ lé e, 1 tuntun yẹn nìkan ló wúlò, S1 ló kàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àmì méjì pín bíìtì lò yóò yí ibì kan ṣoṣo padà nínú tábìlì yìí: yóò ní kí 0 gbé S4 lọ sí S0.

George Mealy, tó kọ̀wé tirẹ̀ ní 1955, ní irú ẹ̀rọ míì tó ń wo ipò àti bíìtì tó ń wọlé pa pọ̀ kó tó gbé èsì jáde. Ipò mẹ́rin tó irú tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, èsì rẹ̀ sì ń yá. Ti Moore ń gba ipò márùn-ún, èsì rẹ̀ sì ń dúró de aago. Ohun tí a rí gbà fún sùúrù yẹn ni pé bí wáyà tó ń gbé bíìtì wọlé bá ń gbọ̀n láàárín lílù aago méjì, kò sí ohun tí yóò ṣe èsì náà.

Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ọ, fílípù-fúlọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀yà tó ń rántí bíìtì kan ṣoṣo, ni a ó fi tọ́jú ipò. Méjì ò lè gba ipò márùn-ún, a nílò mẹ́ta. Bí a bá kọ S0 ní 000, S1 ní 001, S2 ní 010, S3 ní 011, S4 ní 100, àwọn òfin rẹ̀ nìyí. x ni bíìtì tó wọlé, Z ni èsì, àmì ' sì ń sọ 0 di 1, ó ń sọ 1 di 0:

```
Q2+ = Q1·Q0·x
Q1+ = Q0·x' + Q2·x' + Q1·Q0'·x
Q0+ = x·(Q1·Q0)'
Z   = Q2
```

Òfin àkọ́kọ́ kò ju pé bí ẹ̀rọ bá wà ní 011 tí 1 sì wọlé, kó bọ́ sí S4.

Fílípù-fúlọ́ọ̀pù mẹ́ta lè kọ nǹkan mẹ́jọ, márùn-ún péré la sì lò. 101, 110 àti 111 kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí ẹ̀rọ, ó lè jí sórí ọ̀kan nínú wọn. Pẹ̀lú àwọn òfin òkè yìí, aago kan péré ni yóò lò kó tó jáde níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Q2 jẹ́ 1 nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà èsì yóò ti pariwo pé òun rí 1011 kí bíìtì kankan tó dé. Bó bá jí sí 111 tí 1 sì wọlé, yóò bọ́ sí 100, irọ́ kejì nìyẹn. Ẹni tó bá rí i pé iná èsì ń tàn ní kété tó bá tan ẹ̀rọ, kó má tíì fọwọ́ kan tábìlì rẹ̀. Wáyà rísẹ́ẹ̀tì, tó ń fi dandan dá fílípù-fúlọ́ọ̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí 000 kí bíìtì àkọ́kọ́ tó wọlé, ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.