Bí Fáìlì Ńlá Ṣe Ń Dé Kíláòdù Lórí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Ń Já

Bí fáìlì kan bá ní 3,000,000,000 báìtì, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò gbé e lọ kò sì lè gbé ju 125,000 báìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe mẹ́gábíìtì kan lẹ́nu àwọn tí ń ta dátà, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 40 ni iṣẹ́ náà yóò gbà, bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Ohun tí ń dá a dúró ni kì í wọ́n. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń já ní wákàtí wákàtí, yálà nítorí pé iná lọ tàbí nítorí pé èrò pọ̀ jù lórí òpó kan, fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lódindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní dé láéláé, nítorí pé ìgbàkígbà tí ó bá já ni olùfiránṣẹ́ yóò padà sí báìtì àkọ́kọ́, bí ẹni tí ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi.

Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú irú ibi ìpamọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣeé ṣí, ó sì ṣeé fi nǹkan kún láàárín, ṣùgbọ́n Google Cloud Storage àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábà gba ohun tí kò bá pé. Odidi ẹrù ni wọ́n ń gbà, tí ó ní orúkọ tirẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé sínú àpótí ńlá kan tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí báìtì kan péré bá ṣẹ́kù, orúkọ ẹrù náà kò ní hàn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìwà yìí ṣe ẹni tí ń ka dátà lóore, nítorí pé kò ní ṣèèṣì ka ìlàjì fáìlì, ṣùgbọ́n ìyà ni fún ẹni tí ń fi í ránṣẹ́, àfi bí ibì kan bá wà tí àwọn báìtì tó ti dé lè dúró sí títí ìyókù yóò fi bá wọn.

Ibi ìdúró yẹn ni ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí ń tẹ̀ síwájú níbi tó ti dúró pèsè. Kí báìtì kan tó kúrò nílé, kọ̀ǹpútà olùfiránṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ olùgbà pé ẹrù kan ń bọ̀, pé báyìí ni orúkọ rẹ̀, pé bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí ni yóò wọ̀. Olùgbà yóò ṣí ojú ìwé kan fún ẹrù náà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, yóò sì dá àdírẹ́sì gígùn kan padà, èyí tí a ó máa pè ní àdírẹ́sì iṣẹ́. Àdírẹ́sì yìí ni gbogbo báìtì ẹrù náà yóò gbà wọlé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tilẹ̀ já lógún ìgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè fi báìtì ránṣẹ́ sí orúkọ náà láìjẹ́ pé wọ́n tún bi í léèrè ẹni tó jẹ́, nítorí náà bí kọ́kọ́rọ́ ilé ni ó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lójú pọ̀ jù ni pé, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ta ni ó mọ ibi tí iṣẹ́ dé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo ìlà tí ń gùn lójú kọ̀ǹpútà, bí ó bá sì kọ 34%, wọn a gbà pé iye yẹn ti dé òkè. Ìlà náà kò purọ́, ohun tí ó ń kà ni kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Iye báìtì tí ètò ìfiránṣẹ́ ti kó lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ pé kí ó bá òun gbé jáde ni ó sábà máa ń kà, àwọn báìtì yẹn sì lè ṣì wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, nínú mọ́dẹ̀mù tàbí lójú ọ̀nà, níbi tí wọn yóò ṣòfò sí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Òdìkejì rẹ̀ náà máa ń ṣẹlẹ̀, tí àwọn báìtì yóò ti dé, tí olùgbà yóò ti kọ wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìdáhùn pé “ó ti dé” yóò sọnù kí ó tó padà dé ilé. Olùfiránṣẹ́ ka iye tó pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́, ó ka iye tó kéré jù nínú ti èkejì, kò sì sí ọ̀nà tí yóò fi dá mọ̀ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí i nínú méjèèjì.

Nítorí náà, olùfiránṣẹ́ kì í sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún ara rẹ̀. Olùgbà ni ó ń bi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti padà, yóò fi ìbéèrè tí kò ní báìtì kankan nínú ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì iṣẹ́, èyí tí àwọn ìlà rẹ̀ tó ṣe pàtàkì rí báyìí:

```
Content-Length: 0
Content-Range: bytes */3000000000
```

Àmì ìràwọ̀ yẹn ni ó gbé ìbéèrè náà, ó túmọ̀ sí pé kò sí báìtì nínú ìránṣẹ́ yìí, pé iye tí ẹrù náà yóò jẹ́ nígbà tó bá pé nìkan ni olùfiránṣẹ́ ń rán olùgbà létí, tí ó sì fẹ́ mọ ibi tí ó dé. Ká sọ pé olùgbà dáhùn báyìí:

```
HTTP/1.1 308 Resume Incomplete
Range: bytes=0-1009254399
```

Nọ́ńbà 308 dúró fún pé iṣẹ́ kò tíì pé ṣùgbọ́n pé ojú ìwé rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ìlà kejì ni kí ènìyàn fara balẹ̀ kà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń kọ ètò fúnra wọn ti máa ń ṣìṣe. Láti òdo ni wọ́n ti ń ka báìtì, kì í ṣe láti ení, nítorí náà báìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1009254399 ni ìkẹyìn èyí tó ti dé, iye àwọn tó ti dé sì jẹ́ 1,009,254,400, èyí tí ó dín díẹ̀ sí 34% tí ìlà ojú kọ̀ǹpútà kọ. Báìtì tí ó kàn ni 1009254400. Bí Range kò bá sí nínú ìdáhùn náà rárá, a jẹ́ pé olùgbà kò ní báìtì kankan lọ́wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò ti mú un. Bí ó bá sì jẹ́ 200 tàbí 201 ni ó fi dáhùn dípò 308, odidi ẹrù ti wọlé tipẹ́, ìdáhùn ìkẹyìn nìkan ni ó sọnù lọ́nà.

Bí ó bá jẹ́ 308, olùfiránṣẹ́ lè da ìyókù fáìlì lé olùgbà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè gé e ní ègé ègé. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 262,144 báìtì, àfi èyí tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan ni yóò sì dúró de ìdáhùn olùgbà. Ìdúró yẹn ní iye tí ó ń náni. Bí ìdáhùn bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ó tó dé, tí wọ́n sì gé fáìlì wa sí 262,144, ègé 11,445 ni yóò jẹ́, ìdúró nìkan yóò sì jẹ ju wákàtí 3 lọ. Bí wọ́n bá gé e sí 8,388,608, ègé 358 péré ni, ìdúró rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú 6 tán. Ègé tó tóbi bẹ́ẹ̀ ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá 67 lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí, èyí tó túmọ̀ sí pé, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tilẹ̀ já nígbà tí ègé kan kù díẹ̀ kó parí, tí olùgbà kò sì tọ́jú nǹkan kan nínú rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kò ní ṣòfò tán. Àwọn tí ń gé e wẹ́wẹ́ nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò dára ń fi kún ìyà ara wọn ni.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ 500 tàbí 503, olùgbà ni ara rẹ̀ kò yá. Olùfiránṣẹ́ yóò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 8, yóò sì máa fi ìwọ̀nba àkókò tí kò dọ́gba kún un, kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já mọ́ lọ́wọ́ má baà ya lu olùgbà lẹ́ẹ̀kan náà. 404 tàbí 410 yàtọ̀: wọ́n ti pa ojú ìwé náà dé, kò sí ohun tí sùúrù lè ṣe sí i.

Ohun tí ń pa á dé jù lọ ni ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni àdírẹ́sì iṣẹ́ ń lò, lẹ́yìn èyí ni gbogbo báìtì tó ń dúró yóò di àdánù. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 125,000 báìtì, ohun tí ó lè kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò ju 75,600,000,000 báìtì lọ; bí ó bá sì jẹ́ ìdajì ọjọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń wà, ìdajì iye yẹn náà ni. Fáìlì tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní parí lórí àdírẹ́sì kan bó ti wù kó máa tẹ̀ síwájú tó, nítorí náà kí wọ́n ti pín in sí fáìlì kéékèèké nílé ni ó dára, kí èyí tó bá ti pé lè wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mélòó kan já nítòsí Abidjan, tí ó ṣàkóbá fún íńtánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àtúnṣe wọn gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Irú ìjá bẹ́ẹ̀ kò ní oògùn nínú ọ̀nà yìí.

Iná tó lọ náà lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, bó bá jẹ́ pé inú ìrántí kọ̀ǹpútà nìkan ni àdírẹ́sì iṣẹ́ wà, nítorí pé báìtì bílíọ̀nù kan lè wà lọ́dọ̀ olùgbà kí ẹnikẹ́ni má mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Inú fáìlì kékeré kan lórí dísìkì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí gbàrà tó bá ti dé. Bí ètò `gcloud storage cp` ṣe ń ṣe nìyẹn, òun ni ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tún àṣẹ kan náà tẹ̀ lẹ́yìn tí iná dé, yóò wá ibi tó ti dúró.

Ewu kan kù tí olùgbà kò lè rí, òun ni pé kí ẹnìkan yí fáìlì padà nílé nígbà tí ìdajì rẹ̀ ti lọ, kí iye báìtì rẹ̀ má sì yí padà. Apá kan yóò jẹ́ ti àtijọ́, apá kejì yóò jẹ́ tuntun, ẹrù náà yóò sì wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láìsí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Oǹkà àyẹ̀wò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CRC32C, tí wọ́n ń ṣírò láti inú gbogbo báìtì fáìlì, tí báìtì kan tó bá yàtọ̀ yóò sì yí padà, ni ó ń tú u fó. Àṣẹ méjì yìí ni yóò gbé e jáde, ọ̀kan fún ti ilé, èkejì fún ti òkè, pẹ̀lú orúkọ bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí BOKEETI wà àti orúkọ fáìlì níbi tí ojo.tar wà:

```
gcloud storage hash ojo.tar
gcloud storage hash gs://BOKEETI/ojo.tar
```

Bí oǹkà méjèèjì kò bá rí bákan náà, ohun tó wà lókè kì í ṣe ohun tó wà nílé, ẹni tó bá sì ti pa ti ilé rẹ́ kó tó wò ó kò ní ibi tí yóò padà sí.