Inú Omi Ni Súmò Wà, Kí Ló Dé Tó Fi Ń Jó?

Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹta ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń le jù lágbègbè Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Àsìkò yẹn gan-an ni àgbẹ̀ tó gbin tòmátì tàbí ata ń wá omi lójú méjèèjì. Àsìkò yẹn náà sì ni súmò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀ sínú bọ́hóòlù kó máa ti omi sókè, sábà máa ń jó. Wọ́n á fà á jáde, oníṣẹ́ á gbóòórùn rẹ̀, á ní kọ́ìlì ti lọ. Olóko á ní iná ló bà á jẹ́, torí kò yé e bí ohun tó wà nínú omi tọ̀sán-tòru ṣe lè gbóná débi tí yóò fi jó. Iná tí kò dúró sójú kan máa ń ba mọ́tò jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí súmò bá ṣiṣẹ́ láìyọnu ní gbogbo ìgbà òjò, tó wá jó nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, omi ló yẹ ká kọ́kọ́ wò ká tó bú iná.

Ẹ jẹ́ ká wo súmò náà fúnra rẹ̀. Ohun méjì tí wọ́n so pọ̀ ni. Mọ́tò ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti omi ló wà lórí rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ òkè yẹn ni àwọn abẹ̀bẹ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ìmpẹ́là wà, wọ́n tò léra wọn, rọ́bà líle sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, tó ní asẹ́ lára, kò sí nísàlẹ̀ pátápátá. Àárín mọ́tò àti ìmpẹ́là ló wà. Àwọn tó ṣe é kò ṣèèṣì fi í síbẹ̀. Bí omi bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó ní láti gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá kó tó dé ojú asẹ́, bó sì ṣe ń kọjá ló ń gba ooru ara mọ́tò lọ. Súmò kò ní abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi mọ́tò orí ilẹ̀. Omi tó ń kọjá lára rẹ̀ yẹn nìkan ló ń tù ú.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé omi náà gbọ́dọ̀ máa rìn. Ẹni tó bá ti dúró ti alágbẹ̀dẹ rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ń ti irin gbígbóná bọ inú omi tó dúró sójú kan, kò ní pẹ́ tí omi yẹn náà yóò fi gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni omi tó yí mọ́tò ká ṣe máa ń rí bí kò bá rìn. Ìlànà tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò oní-ínǹṣì mẹ́rin sábà máa ń fúnni ni pé kí omi máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, súmò gbọ́dọ̀ máa gbé bíi lítà 50 jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn, bíi ti Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, orí àpáta ló dúró lé. Omi ibẹ̀ kì í ṣe odò abẹ́ ilẹ̀ tó ń ṣàn gbuuru. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta, àti ojú ibi tí àpáta ti sán, ló ń gbà yọ́ wọnú bọ́hóòlù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó níye tó lè wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Bí súmò bá ń gbé ju iye tó ń wọlé lọ, omi inú ihò á máa lọ sísàlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ojú omi ti lọ sílẹ̀ kí a tó tan iná rárá, èyí tó ń wọlé náà sì ti dínkù.

Ẹ jẹ́ ká fi oko kan ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́hóòlù rẹ̀ jìn tó mítà 60, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, mítà kan nínú rẹ̀ á gba bíi lítà 17 omi. Súmò họ́ọ̀sì kan ló wà nínú rẹ̀, ojú asẹ́ rẹ̀ wà ní mítà 35, ó ń gbé lítà 50 ní ìṣẹ́jú kan. Táǹkì lítà 2,000 ni wọ́n ń bu omi sí, súìṣì tó ń léfòó nínú táǹkì ló sì ń pa súmò nígbà tí táǹkì bá kún.

Nínú Oṣù Kẹsàn-án, ojú omi wà ní mítà 9, lítà 45 ló sì ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Súmò ń fi lítà 5 péré jẹ nínú ìpamọ́ ihò náà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, táǹkì ti kún, súìṣì ti pa á, omi kò sì tíì sún mọ́ ojú asẹ́ rárá. Olóko kò rí nǹkan kan tó lè kọ ọ́ lóminú.

Nígbà tó di Oṣù Kẹta, ojú omi ti lọ sí mítà 18, lítà 25 ló kù tó ń wọlé. Láti mítà 18 dé mítà 35, bíi lítà 290 ló wà níbẹ̀. Súmò ń jẹ lítà 25 nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú 12, omi ti dé ojú asẹ́. Lítà 600 péré ló ti wọ táǹkì. Súìṣì tó wà nínú táǹkì kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń lọ ní mítà 35 nísàlẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé táǹkì kò tíì kún. Nítorí náà ó jẹ́ kí iná máa lọ. Kí lítà 1,400 tó kù tó dé, bí ohun gbogbo bá tiẹ̀ lọ geere, ó máa tó bíi wákàtí kan, súmò á sì máa fa omi pọ̀ mọ́ atẹ́gùn ní gbogbo àkókò yẹn.

Ibí yìí ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá ti dín sí ìdajì iye tó yẹ. Atẹ́gùn tó wọ àárín àwọn ìmpẹ́là kò jẹ́ kí wọ́n rí omi dì mú mọ́, bẹ́ẹ̀ omi tó kún inú páìpù lókè ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá yá, súmò á máa yí láìgbé ohunkóhun jáde. Mọ́tò ṣì wà nínú omi o, torí pé abẹ́ ojú asẹ́ ló wà. Àmọ́ omi náà ti dúró. Ó ń gbóná, kò sì sí tútù tó ń wá rọ́pò rẹ̀. Èyí tó há sáàárín àwọn ìmpẹ́là lè gbóná débi tí yóò fi hó. Rọ́bà ìmpẹ́là á rọ̀, á wọ́, á lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Àwọn ibi tí ọ̀pá ẹ̀rọ ti ń fara lé omi bí ẹni fara lé òróró á wá máa ha ara wọn ní gbígbẹ.

Fáníìṣì ló bo wáyà kọ́pà inú mọ́tò, òun ni kò jẹ́ kí wáyà kan kan èkejì. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, á gbẹ, á sán, wáyà á kan wáyà, iná á sì gba ọ̀nà àbùjá. Bí ìmpẹ́là bá ti lẹ̀ tí ọ̀pá kò yí mọ́, mọ́tò á máa fa iná tó bí ìlọ́po márùn-ún ti tẹ́lẹ̀, èyí á sì parí ohun tí ooru bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bi mí pé ṣebí bíréékà àti ofalódù wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣe? Iṣẹ́ wọn ni láti já bí iná bá pọ̀ jù. Súmò tí kò rí omi gbé kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iná tó ń fà ń dínkù ni. Họ́ọ̀sì kan tó ń fa bí ámpíà 8 nígbà tí omi wà lè wálẹ̀ sí bíi 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Lójú bíréékà, ara mọ́tò yá. Ìgbà tí kọ́ìlì bá ti jó tàbí tí ọ̀pá bá ti há ni bíréékà tó já, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nígbà yẹn.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Omi á máa já lẹ́nu páìpù, á máa tú yàà, á dákẹ́, á tún tú, atẹ́gùn á máa pọ̀ mọ́ ọn. Ó lè dàrú láwọ̀ tàbí kó máa gbé iyanrìn. Bí oníná bá fi ẹ̀rọ ìwọn iná tó ń gbá wáyà mú wò ó, á rí i pé ámpíà ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti fà á jáde lẹ́yìn tó jó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ kí ẹ tó ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ òkè lójú yín. Ìmpẹ́là tó wọ́ tàbí tó yọ́ jẹ́ ẹ̀rí pé omi ló tán. Bí ìmpẹ́là bá dán, tó ń yí dáadáa, ẹ lọ yẹ iná wò.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni pé kí olóko lọ ra họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ nítorí pé ti àkọ́kọ́ "kò lágbára tó". Lóko tí a fi ṣàpẹẹrẹ yẹn, èyí tó lágbára jù á kàn gbẹ ihò náà kíákíá ni. Ààbọ̀ họ́ọ̀sì tó ń gbé lítà 20 ló bá a mu. Táǹkì á gba bíi wákàtí kan àti 40 ìṣẹ́jú kó tó kún, àmọ́ omi tó ń wọlé á ká a. Ohun kan wà níbẹ̀ ṣá o: lítà 20 kéré láti tu mọ́tò nínú ihò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi páìpù rọ́bà tó fẹ̀ ju mọ́tò lọ díẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n dí i lókè ojú asẹ́, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ nísàlẹ̀ mọ́tò. Omi á wá ní láti gba ojú tóóró yẹn kọjá, eré rẹ̀ á sì pọ̀. Ẹ má sì sọ súmò dé ìsàlẹ̀ ihò nítorí pé ẹ ń lé omi, torí mọ́tò tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ bò kò ní rí omi kankan tó máa kọjá lára rẹ̀. Ẹ fi mítà mélòó kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dá súmò dúró kí omi tó tán wà lọ́jà. Ọ̀kan ń ṣọ́ ámpíà: bó bá ti wálẹ̀ ju iye tí wọ́n fi í sí lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, á pa á, á sì dúró bí ààbọ̀ wákàtí kó tó tún tàn án, kí omi lè padà wọlé. Èkejì ń lo wáyà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú súmò, tí etí rẹ̀ wà ní bíi mítà méjì lókè ojú asẹ́. Bí omi bá ti kúrò níbẹ̀, súmò á kú, kò ní tàn títí omi yóò fi dé etí wáyà kejì tó wà lókè.

Àwọn tó ń lo sólà gan-an ni mo fẹ́ kó tẹ́tí sí èyí. Ọ̀sán gangan ni oòrùn ń fún súmò yín lágbára jù, ìgbà yẹn náà ló ń gbẹ bọ́hóòlù yára jù. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìdarí tó ń bá súmò sólà wá, ihò wáyà tó ń ṣọ́ omi kànga ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ tó fẹ́ yára parí a máa fi èérún wáyà kan so ihò méjèèjì pọ̀, kí àpótí lè rò pé omi wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ ní kí ẹni tó bá yín ṣe é wá ṣí i lójú yín. Bí ẹ bá rí èérún wáyà yẹn, ẹ ní kó yọ ọ́, kó ra wáyà aṣọ́mi, kó sì sọ̀ ọ́ sínú bọ́hóòlù kí Oṣù Kejì tó dé.