Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Gbájú-ẹ̀ Ń Wá

Òṣìṣẹ́ àbò báńkì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ kò fi ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè ló bi wọ́n: “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù, tó dárúkọ yín, tó dárúkọ báńkì yín, tó sì ka nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ káàdì yín fún yín, ṣé òṣìṣẹ́ báńkì nìyẹn?” Ọ̀pọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni gbájú-ẹ̀ ti ń mú èèyàn.

Orúkọ àti báńkì kò ṣòro láti mọ̀. Ojoojúmọ́ ni oníṣòwò ń fún àwọn oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì, àwọn mìíràn tilẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bíi pé òun fẹ́ fowó ránṣẹ́ yóò rí orúkọ ẹni tó ni ín. Ti káàdì náà kò le. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti oníkáàdì, ti báńkì ni. Káàdì Visa máa ń fi 4 bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ káàdì Verve sì máa ń fi 506 bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń lo irú káàdì kan náà ní báńkì kan ló sábà máa ń ní mẹ́fà kan náà. Gbájú-ẹ̀ kà á jáde, ó sì ní kí ẹ bá òun parí èyí tó kù.

Ó wá fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan pè é pé Bí-Fí-Ẹ́nì rẹ̀ ní ìṣòro, pé wọn yóò ti àkáǹtì rẹ̀ pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́, “Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rù,” ohùn pẹ̀lẹ́ ló sì ń yọ obì lápò. Ìyá parí nọ́ńbà káàdì, ó sọ ọjọ́ tí yóò kú, ó sọ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹni yẹn ń tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ti ń rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún náírà.

Síbẹ̀, owó kò tíì jáde. Báńkì fi nọ́ńbà mẹ́fà, ìyẹn Ó-Tí-Pí, ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá láti mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń rajà. Gbájú-ẹ̀ kò lè rí i. Ó ní, “Mọ́mì, nọ́ńbà kan ń bọ̀, òun la ó fi tún un ṣe. Ẹ tètè kà á fún mi.” Kò fẹ́ kí ìyá gé ìpè náà, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni nọ́ńbà náà fi ń ṣiṣẹ́, àti pé bí ìyá bá fara balẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà tán, yóò rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá kà á. Alẹ́ẹ̀tì wọlé pé owó ti lọ.

Òṣìṣẹ́ náà ní ó lè burú ju báyìí lọ. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni àwọn báńkì kan fi ń forúkọ fóònù tuntun sílẹ̀ lórí áàpù wọn. Ẹni tó bá gbà á lè gbé àkáǹtì yín sórí fóònù tirẹ̀, kó sì máa kó owó díẹ̀díẹ̀. Ní ti píìnì, kì í kú bí Ó-Tí-Pí ṣe ń kú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tí fóònù tàbí káàdì yín sì bọ́ sí i lọ́wọ́, lè lò ó títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Báwo la ṣe lè dá wọn mọ̀? Ẹ má wo nọ́ńbà tó pè yín, nítorí wọ́n lè mú kí nọ́ńbà báńkì hàn lójú fóònù. Ohun tí wọ́n béèrè ni kí ẹ wò. Òṣìṣẹ́ báńkì kò nílò píìnì yín fún iṣẹ́ kankan. Bákan náà, owó tó ń wọlé kì í béèrè píìnì tàbí Ó-Tí-Pí. Èyí tó ń jáde ló ń béèrè rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá sì wọlé nígbà tí ẹ kò ra nǹkan kan, tí ẹ kò sì fowó ránṣẹ́, ẹlòmíràn ló ń gbìyànjú rẹ̀.

Bó bá ti bọ́ lẹ́nu yín, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì pa. Bó bá jẹ́ àkáǹtì mìíràn ni owó náà lọ, báńkì yín lè bẹ báńkì kejì pé kó dì í mú, ṣùgbọ́n àfi bí wọn kò bá tíì gbà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń kúrò ní báńkì kan dé òmíràn ní Nàìjíríà, àwọn olè yìí kì í sì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Nítorí náà ló ṣe ní kí kálukú yí káàdì rẹ̀ padà, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ìwé, kó sì fi sílé, torí káàdì àti fóònù lè sọnù pọ̀ nínú báàgì kan náà.